Mélòó ni kí n máa yọ lóṣù kí owó ilé ìwé ọmọ mi lè pé lọ́dún méjì?

Ìyá Tóbi

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ praimárì karùn-ún ní oṣù Kẹsàn-án 2025 yìí. Tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, oṣù Kẹsàn-án 2027 ló máa wọ ilé ìwé girama, ilé ìwé aládàáni kan níbí ní Ìbàdàn tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú bọ́dìn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tuntun ní sáà àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,200,000. Mo ní ₦300,000 nílẹ̀. Báńkì kan ní àwọn á máa fún mi ní èlé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún tí mi ò bá fọwọ́ kan owó náà, oṣooṣù ni wọ́n sì ń san án sórí owó. Tí mo bá ka ti òpin oṣù yìí mọ́ ọn, owó oṣù 24 ni mo máa gbà kí wọ́n tó wọlé. Mélòó ni kí n máa yọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Baba Lékè Mọ́kọ́lá

Ìyẹn ò le. Yọ 300,000 kúrò nínú 1,200,000, ó ku 900,000. Pín in sí ọ̀nà 24, ₦37,500 ni. Èlé tí báńkì bá san, fi ra bàtà fún ọmọ.

Ṣírò-Kó-Yéni

Baba Lékè, ẹ mọ owó pín, ṣùgbọ́n owó tẹ́ ẹ pín kọ́ ni wọ́n máa bi í ní 2027. ₦1,200,000 tó kọ sókè yẹn, owó òní ni. Ta ló ti rí ilé ìwé aládàáni tó gba iye kan náà fún ọdún mẹ́ta léra ní Ìbàdàn yìí, pàápàá láti oṣù Kẹfà 2023 tí náírà ti já?

Ìyá Tóbi, kí n tó fọwọ́ kan ìṣirò, ẹ sọ fún mi: báwo ni ilé ìwé náà ṣe ń fi owó kún owó? Ẹ má wo ohun tí wọ́n ń sọ lórí rédíò nípa ọjà. Ilé ìwé yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò.

Ìyá Tóbi

Aládùúgbò mi ní ọmọ méjì níbẹ̀. Ó ní ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún un, pé tí òun bá fojú bù ú, ó máa ń tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣe é, tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀.

Ṣírò-Kó-Yéni

Ó dáa. Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa fi kún un kó tó kan yín, ní 2026 àti ní 2027. 1,200,000 á di 1,500,000, 1,500,000 á di 1,875,000. Èyí kejì gun orí èkíní ni, ẹ má kan sọ pé ìdá 25 lọ́nà méjì jẹ́ ìdá 50, torí ₦75,000 máa sọ nù lọ́wọ́ yín níbẹ̀.

Ẹ wá yọ 300,000 tó wà nílẹ̀. Ó ku 1,575,000. Tí a ò bá tíì ka èlé, ₦65,625 lóṣù nìyẹn. Ẹ fi wé ₦37,500 tí Baba Lékè mú wá.

Baba Lékè Mọ́kọ́lá

Mo gbà fún ẹ lórí àfikún, àbúrò. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ti gbàgbé èlé. Ìdá 12 lọ́dún, ọdún méjì, ìdá 24 ni. Tí Ìyá Tóbi bá fi ₦1,270,000 síbẹ̀ lápapọ̀, ìdá 24 rẹ̀ á gbé e dé 1,575,000 géérégé. Pín 1,270,000 sí 24, ₦53,000 ti pọ̀ jù ú lọ díẹ̀. Kí ló dé tí wàá fi ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa san 65,000?

Ọmọ Ìbàdàn ní Pẹ́kàm

Ẹ kú ìjókòó o. Lójú tèmi, kí Ìyá Tóbi má fi náírà pa mọ́ rárá. Owó ilé ìwé níbí, pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà, tí náírà bá tún já, gbogbo ìṣirò yìí á wó. Kó máa fi náírà ra pọ́n-ùn díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Tóbi

Ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn ni ilé ìwé náà wà o, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni! Náírà ni wọ́n ń gbà.

Ọmọ Ìbàdàn ní Pẹ́kàm

Háà, ẹ má bínú. Mo rí "bọ́dìn" ni mo rò pé òkè òkun ni. Ẹ máa bá a lọ.

Ṣírò-Kó-Yéni

Baba Lékè, ẹ gbọ́ èyí, torí ojoojúmọ́ ni mo ń rí i lọ́dọ̀ wa (ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ ìwé owó fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀). Ìdá 24 tẹ́ ẹ sọ yẹn, owó tó jókòó fún odindi ọdún méjì ló ni ín. Nínú gbogbo owó yìí, 300,000 nìkan ló jókòó bẹ́ẹ̀. Owó tí Ìyá Tóbi bá fi síbẹ̀ ní òpin oṣù yìí máa jókòó fún oṣù 23. Ti oṣù tó tẹ̀ lé e, oṣù 22. Tó bá di ti òpin oṣù Kẹjọ 2027, òní ló wọlé, ọ̀la ló jáde, kò gba kọ́bọ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀ tẹ́ ẹ pín wọn dọ́gba, oṣù mọ́kànlá àbọ̀ ni owó kọ̀ọ̀kan jókòó, kò pé ọdún kan. Ìdajì èlé tẹ́ ẹ ń retí ló máa tẹ̀ yín lọ́wọ́ lórí owó oṣooṣù.

Nǹkan kejì ni pé ìdá 12 yẹn kọ́ ló máa dé ọwọ́ yín. Ìjọba ń yọ ìdá mẹ́wàá nínú èlé owó tí a fi sílẹ̀ ní báńkì, báńkì ló ń yọ ọ́ kí wọ́n tó san án. Nínú èlé ni wọ́n ti ń yọ ọ́ o, kì í ṣe nínú owó yín. Ìdá 12 á di ìdá 10.8. Ẹ pín in sí oṣù 12, ó jẹ́ ìdá 0.9 lóṣù. Ìdá 0.9 yìí ni mo máa lò látìsinsìnyí.

Akápò Ilé Ìwé

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kà á bọ̀ láti òkè. Iṣẹ́ mi rèé, ilé ìwé mìíràn ni tèmi ṣùgbọ́n bọ́dìn náà ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo: Ìyá Tóbi, ìwé owó tẹ́ ẹ rí ₦1,200,000 nínú rẹ̀, ti ọdún ẹ̀kọ́ wo ni? Ẹ wo orí ìwé náà, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyá Tóbi

Ẹ dúró kí n gbé e.

Yéè. 2024/2025 ló wà lórí ẹ̀. Ti ọmọ aládùúgbò mi ni mo yà ní fótò, ti ọdún tó kọjá ni.

Akápò Ilé Ìwé

Mo fura. Àwọn òbí tó ń wá sí ọ́fíìsì mi máa ń mú ìwé àtijọ́ dání, tí a bá wá fún wọn ní tuntun, wọ́n á ní a ti tàn wọ́n jẹ. Ìwé tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ yẹn, àfikún mẹ́ta ló wà láàárín òun àti 2027, kì í ṣe méjì. Ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù yìí. Ẹ má fojú bù ú, ẹ pè wọ́n lọ́la, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé owó ọmọ tuntun ti 2025/2026.

Nígbà tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ wò ó ní ìlà ní ìlà. Nílé ìwé tiwa, owó ẹ̀kọ́ kì í sáré tó owó bọ́dìn. Ọdún tó kọjá, ìdá 20 la fi kún owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìdá 40 la fi kún bọ́dìn, torí ìrẹsì, gáàrì, gáàsì ìdáná àti dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu ní alẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn nǹkan tí ọmọ tuntun ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà wà níbẹ̀: fómù tí wọ́n ń sùn lé, lọ́kà, yunifọ́ọ̀mù, owó ìgbàwọlé. Ìyẹn ò ní padà wá ní sáà kejì.

Aláṣọ Gbági

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò ní owó oṣù, ọjà ni mo ń tà. Àjọ ni mo fi rán ọmọ mi àgbà lọ sílé ìwé, ₦2,000 lójúmọ́. Alájọ máa ń wá ní nǹkan bí aago mẹ́rin, yóò fi bírò sàmì sí káàdì mi. Kí Ìyá Tóbi kàn wá alájọ tó dáa. Owó tí a bá ń dá lójoojúmọ́ kì í wúwo lọ́kàn.

Ṣírò-Kó-Yéni

Ìyá wa, òótọ́ ni pé kì í wúwo, fún ẹni tó ń rí owó lójoojúmọ́ ó sì bá a mu ju báńkì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo káàdì yẹn dáadáa. Nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31, 62,000 lẹ dá. Alájọ mú ti ọjọ́ kan, ó fún yín ní 60,000. Báńkì ń fi owó kún owó, alájọ ń yọ nínú rẹ̀. Fún oṣù 24, ₦48,000 ni yóò jẹ́ tirẹ̀. Mi ò sọ pé ó burú, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá bá yín. Tẹ́ ẹ bá ń gbà á lóṣooṣù tẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí báńkì lọ́jọ́ kejì, ẹ ti jẹ méjèèjì.

Aláṣọ Gbági

Ìyẹn gan-an ni n kò ṣe nígbà kan. Mo ní kó máa bá mi tọ́jú rẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án. Oṣù keje ló kó lọ, káàdì mi méje ṣì wà nílé dòní. N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ìyá Tóbi

Pẹ̀lẹ́ o, mọ̀mọ́.

Mo ti pe ilé ìwé. Ìwé ti 2025/2026 jẹ́ ₦1,440,000. Orí mi ń fò lọ. Ìdá 20 ni wọ́n fi kún un lọ́tẹ̀ yìí, kò tó ìdá 25.

Ṣírò-Kó-Yéni

Ẹ má jẹ́ kí orí fò, ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí ìwé ná, tí ẹnikẹ́ni tó ní bírò á fi lè ṣe tirẹ̀.

Owó òní jẹ́ 1,440,000. Àfikún méjì ló kù, ẹ jẹ́ ká ṣì lo ìdá 25: 1,440,000 á di 1,800,000, á di 2,250,000. Èyí ni a ń lé.

300,000 yín jókòó oṣù 24 ní ìdá 0.9. Tí a bá kàn sọ 0.9 di ìlọ́po 24, ó jẹ́ ìdá 21.6, ìyẹn ₦64,800. Ó di 364,800. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 2,250,000, ó ku 1,885,200 tí owó oṣooṣù gbọ́dọ̀ gbé.

Owó oṣooṣù, a ti sọ pé oṣù mọ́kànlá àbọ̀ ni ó ń jókòó. 0.9 lọ́nà 11.5 jẹ́ ìdá 10.35. Náírà kan tẹ́ ẹ bá ń fi síbẹ̀ lóṣooṣù fún oṣù 24 máa di 24 àti ìdá 10.35 rẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi 26.48. Ẹ fi 26.48 pín 1,885,200. ₦71,200 tàbí kó dín díẹ̀.

Ìṣirò ọwọ́ nìyẹn, kò ka èlé tó ń bí èlé. Tẹ́ ẹ bá ní Excel lórí fóònù, ẹ tẹ èyí:

```
=PMT(0.9%, 24, -300000, 2250000)
```

₦70,454 ló máa mú wá. Kò ju ₦750 lọ tó fi yàtọ̀ sí ti bírò.

Ìyá Tóbi

Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tó fún mi ni -98,363. Àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀, ó sì pọ̀ ju tiyín lọ. Kí ni mo ṣe?

Ṣírò-Kó-Yéni

Àmì yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ó ń sọ fún yín pé owó ń jáde lápò yín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà rí i níwájú 70,454.

98,363 ni àṣìṣe. Ẹ wò ó, ẹ ò fi àmì ìyọkúrò síwájú 300000. Owó tó jáde lápò yín lọ sí báńkì gbọ́dọ̀ ní àmì yẹn, yálà 300,000 ti òní tàbí ti oṣooṣù, èyí tó ń padà bọ̀ ní 2027 ni kò ní. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ̀rọ á rò pé ẹ jẹ báńkì ní 300,000, á sì ní kẹ́ ẹ san ìyẹn náà mọ́ ọn.

Èkejì tí mo máa ń rí ni kí èèyàn kọ 10.8% sí ibi tó yẹ kó kọ 0.9%. Ìyẹn ń sọ fún ẹ̀rọ pé báńkì ń san ìdá 10.8 lóṣooṣù. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lórí ìṣirò yìí, iye kékeré kan tí kò ní àmì kankan níwájú ló máa jáde, bí ẹni pé báńkì á máa fún yín lówó lóṣooṣù. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ pa á rẹ́.

Baba Lékè Mọ́kọ́lá

Ó ti yé mi nípa oṣù mọ́kànlá àbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wá báńkì tó ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń san ìdá 15, ìdá 18. Ibẹ̀ ni ìtura wà.

Ṣírò-Kó-Yéni

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà dáhùn. Ká ní kò sí owó orí rárá, tí ìdá 12 náà dé ọwọ́ Ìyá Tóbi ní odidi. Dípò 70,454, yóò di ₦69,293. ₦1,161 ló jèrè.

Ẹ wá fi èlé sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ yí àfikún ilé ìwé padà. Tí wọ́n bá ń fi ìdá 20 kún un, ₦63,837 ló máa yọ lóṣù. Tó bá jẹ́ ìdá 30, ₦77,342. Láti 20 sí 30, ó lé ní ₦13,000 lóṣooṣù. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni ewu wà jù.

Kí báńkì wá máa san ìdá 18, mi ò ní kẹ́ ẹ má wá a. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá NDIC, àjọ ìjọba tó ń san owó padà fáwọn èèyàn tí báńkì bá wó, dáàbò bo owó tó wà níbẹ̀. Láti 2024, ₦5,000,000 ni ààbò yẹn dé fún báńkì ńlá, ₦2,000,000 fún báńkì kékeré tí wọ́n ń pè ní maikrofáínáànsì. Owó tí Ìyá Tóbi ń lé kọjá 2,000,000. Tó bá jẹ́ báńkì kékeré ló ń san ìdá 18, oṣù bíi mélòó kan ló máa kù sí ìgbà tí ọmọ máa wọlé tí apá kan owó náà á bọ́ sí ìta ààbò.

Baba Lékè Mọ́kọ́lá

Ẹni tí mo mọ̀, ilé ìwé ọmọ rẹ̀ fi ìdá 60 kún owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá 25 yín yẹn, ta ló ṣèlérí ẹ̀?

Akápò Ilé Ìwé

Kò sẹ́ni tó ṣèlérí rẹ̀. Èmi tí mo jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an, n kò lè sọ ti 2027 fún yín lónìí. Iye tí dísù bá jẹ́ ní oṣù Keje ọdún yẹn ni wọ́n máa gbé sórí tábìlì. Mo lérò pé ìdá 25 pọ̀ díẹ̀, ìdá 20 tí wọ́n fi kún un lọ́tẹ̀ yìí ni èmi ì bá lò.

Ṣírò-Kó-Yéni

Èmi á lo 25. Tí owó bá ṣẹ́ kù, sáà kejì ń bọ̀ ní oṣù Kìíní, kò ní ṣòfò. Tó bá dín, oṣù Kẹsàn-án kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá Akápò jà lórí ẹ̀.

Ìyá Tóbi

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Kí n sọ òótọ́ fún yín, 70,000 kò lè jáde nínú owó oṣù mi báyìí. Mo ti kọ gbogbo ìnáwó mi sílẹ̀, 60,000 ni òpin. Gbèsè kan wà tí wọ́n ń yọ lówó oṣù mi ní ibi iṣẹ́, yóò parí ní oṣù Kẹjọ 2026. Lẹ́yìn ìyẹn mo lè mú un gòkè. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ṣírò-Kó-Yéni

Kò bàjẹ́. Ọjọ́ tí gbèsè yẹn parí bá ìṣirò mu gan-an, àárín ọdún méjì ló bọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká gé e sí méjì.

Ọdún àkọ́kọ́, ₦60,000 lóṣù, oṣù 12. Pẹ̀lú 300,000 yín àti èlé rẹ̀, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bá nínú àkáǹtì ní òpin oṣù Kẹjọ 2026 ni ₦1,090,785. Ẹ kọ iye yìí síbi tẹ́ ẹ ti máa rí i. Tó bá fi ₦2,000 yàtọ̀, ẹ má dá a lóhùn. Tó bá fi ₦30,000 dín, ẹ bi báńkì bí wọ́n ṣe ń ka èlé wọn, torí àwọn kan wà tí wọn kì í san èlé oṣù tí èèyàn bá fọwọ́ kan owó.

Ọdún kejì, ẹ fi òun náà tẹ̀ ẹ́:

```
=PMT(0.9%, 12, -1090785, 2250000)
```

₦82,095 lóṣù ni. Ohun tẹ́ ẹ dín ní ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ₦10,454 lóṣù, ohun tẹ́ ẹ máa fi kún un ní ọdún kejì jẹ́ ₦11,641. Fífalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ń náni ní díẹ̀, kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ 2250000 mọ́ nígbà yẹn. Oṣù Kẹsàn-án 2026, wọ́n á ti gbé ìwé owó tuntun jáde. Ẹ gba ìwé yẹn, ẹ fi àfikún ẹyọ kan ṣoṣo sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi rọ́pò 2250000. Tí wọ́n bá gbé e sí 1,700,000 dípò 1,800,000, ẹ ti rí ìtura. Tí wọ́n bá sì ṣe bíi ti ẹni tí Baba Lékè mọ̀, ẹ ṣì ní odindi ọdún kan láti mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe.

Akápò Ilé Ìwé

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà. Kì í ṣe oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa béèrè owó àkọ́kọ́. Ìdánwò àbáwọlé máa ń wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èsì á jáde, wọ́n á ní kẹ́ ẹ san owó ìgbàwọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fi orúkọ ọmọ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, oṣù Kẹfà ló máa ń jẹ́. Ibùsùn bọ́dìn náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ń gbà á.

Ìyá Tóbi

Ṣé ó túmọ̀ sí pé oṣù 24 mi ti di 21?

Ṣírò-Kó-Yéni

Rárá, torí apá kan ni wọ́n máa gbà nígbà yẹn. Ká ní wọ́n béèrè ₦200,000 ní òpin oṣù Kẹfà 2027. Owó yẹn kàn pàdánù èlé oṣù méjì, ₦3,600. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan.

Wàhálà ibẹ̀ ni títì tí báńkì ti owó náà pa. Ẹ ní báńkì sọ pé èlé wà tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ kan owó náà. Ẹ padà lọ bi wọ́n: tí mo bá mú 200,000 ní oṣù Kẹfà, ṣé èlé 200,000 yẹn nìkan ni mo pàdánù, àbí ti gbogbo owó tó wà níbẹ̀? Nígbà yẹn owó náà á ti sún mọ́ 2,000,000, èlé oṣù kan ṣoṣo lórí rẹ̀ á tó ₦18,000. Kí wọ́n fi hàn yín nínú ìwé, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì.

Tó bá jẹ́ ti gbogbo rẹ̀, ẹ má fi owó oṣù Kẹrin, Ìkarùn-ún àti Ìkẹfà 2027 sí ibẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àkáǹtì tẹ́ ẹ ń ná. 82,000 lọ́nà mẹ́ta ti kọjá 200,000.

Aláṣọ Gbági

Ẹ jọ̀ọ́, fómù àti lọ́kà tí Akápò sọ, ṣé wọ́n máa ń fi dandan lé e pé ọ̀dọ̀ wọn ni kí a ti rà á? Ní Gbági níbí mo mọ ẹni tó ń ta fómù.

Akápò Ilé Ìwé

Fómù, ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í bìkítà, bí ó bá ṣáà ti bá ibùsùn wọn mu. Ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á. Yunifọ́ọ̀mù, dandan ni. Lọ́kà, kálukú ní tirẹ̀.

Ìyá Tóbi

Mo ti lọ sí báńkì láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní èlé oṣù tí mo bá fọwọ́ kan owó nìkan ló ń lọ, ṣùgbọ́n ti gbogbo owó náà ni. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá wọn kò sí níbẹ̀. Mi ò tíì fi 300,000 náà síbẹ̀. 60,000 ti òpin oṣù yìí ni mo ti yà sọ́tọ̀.

Baba Lékè Mọ́kọ́lá

Ìyá Tóbi, lọ́jọ́ Ajé yẹn, bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ní 1,000,000. Èmi náà ní ọmọ tó máa wọlé ní 2028, mo sì ti ń pín in sí 36 láti àná.